Adó-Èkìtì ń kún: mélòó ni ọmọ tí a bí, mélòó ni àlejò tó kó wá?

AràBásírì
Ẹ̀yin èèyàn mi, Èkìtì kete o! Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Básírì fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba nípa omi ẹ̀rọ àti kíláàsì, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ibi tí a ó ti sọ bí Adó ṣe ń dàgbà sí. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi ni ti ìkànìyàn méjì: ní 1991, ìjọba ìbílẹ̀ Adó ní èèyàn 149,472, ní 2006, wọ́n di 313,690. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì ka èèyàn mọ́ ní Nàìjíríà. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ìdá mélòó ni ìlú fi ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún? Nínú èyí tó fi pọ̀, èwo ni ti ọmọ tí a bí níbí, èwo ni ti àwọn tó kó wá? Alága wa ní kí n má pa méjèèjì pọ̀, torí ọmọ tuntun ò wá kíláàsì kó tó pé ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó kó dé lónìí, òní ló máa bá wa to garawa.

Oníṣirò_Kíá
Èyí ò le rárá. Yọ 149,472 kúrò nínú 313,690, ó ku 164,218. Fi 149,472 pín in, ó jẹ́ 110 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 1991 sí 2006, ọdún 15. Pín 110 sí 15, ó jẹ́ 7.3 lọ́dọọdún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán.

BàbáOlùkànìyàn
Àbúrò, ìyọkúrò yẹn tọ̀nà, ìyókù ni ò dúró. Mo bá wọn gbé fọ́ọ̀mù wọ agbo ilé ní ìkànìyàn méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí ẹ fi pín in. Ìparí oṣù kọkànlá 1991 la ka ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta 2006 la bẹ̀rẹ̀ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọdún 14 àti nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló wà láàárín wọn, ìyẹn 14.31. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni pé kì í ṣe orí àwọn èèyàn 1991 nìkan ni ìlú ti ń dàgbà. Ẹni tó kó wá ní 1993 ti bímọ méjì kó tó di 2006. Èlé orí èlé ni, bí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí èèyàn yá tí kò tètè san.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé 7.3 ò lè jẹ́ òótọ́, ẹ mú 149,472 kí ẹ jẹ́ kó máa fi 7.3 pọ̀ lọ́dọọdún títí ọdún 14.31. Ó máa kan nǹkan bí 410,000. Bẹ́ẹ̀ 313,690 la kà. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí:

```
=LN(313690/149472)/14.31
```

Ó máa fún yín ní 0.0518, ìyẹn 5.18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ìlú tó bá ń rìn bẹ́ẹ̀ máa di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 13 àti ààbọ̀.

Oníṣirò_Kíá
Ó dáa bàbá, mo gbà ti èlé orí èlé. Ṣùgbọ́n èmi gba ọ̀nà mìíràn, mo wá ìdá tó ń di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó fún mi ní 5.32. Èwo ni ká mú?

BàbáOlùkànìyàn
Méjèèjì tọ̀nà. Tìrẹ ka èlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tèmi kà á lójoojúmọ́. Ìlú ò dúró de ìparí ọdún kó tó bímọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo tèmi. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹ máa rí láìpẹ́: a lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láìsí wàhálà. Ẹ sáà má mú ọ̀kan nínú tìrẹ kí ẹ fi yọ ọ̀kan nínú tèmi.

ÌyáOnílé_Ajílosùn
Ẹ ṣeun o. Ṣé ẹ wá ń sọ pé owó ilé máa fi 5.18 lọ sókè lọ́dọọdún ni? Ẹni tó ń gbé yàrá méjì lọ́dọ̀ mi ní kí n má fowó kún un rárá.

AràBásírì
Mọ́mì, èèyàn là ń kà, kì í ṣe owó ilé 😂. Kí ẹ̀yin àti ayálégbé yín parí ìyẹn láàárín ara yín.

Bàbá, ẹ ṣeun. Ó wá ku ti ọmọ bíbí. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńláńlá tó wà ní Adó, kí n gba iye ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan, kí n yọ iye òkú kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni tìlú, ìyókù nínú 164,218 ni tàwọn àlejò. Àbí?

Nọ́ọ̀sì_Ìlawẹ̀
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Yàrá ìgbẹ̀bí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wa, ẹ wo ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí: Ìlawẹ̀, Ìyìn, Ìgèdè, Ìkẹ́rẹ́, Ìjàn. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lágbègbè wọn ló ní kí wọ́n máa bọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí torí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ṣíwájú. Adó ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tó máa gbé Adó. Ẹ máa tún rí obìnrin tó kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Adó, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta péré ló sùn níbẹ̀.

Èyí tó sì tún ṣòro ni tàwọn tí a kì í rí. Obìnrin tó ń gbé Adó gan-an lè bí sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tàbí lọ́wọ́ ìyá àgbẹ̀bí, orúkọ ọmọ náà ò dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì dé ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, àfi ìgbà tí ilé ìwé bá bèèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Ti òkú tún burú jùyẹn lọ. Ẹni tó kú ní Adó, ìlú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sin, bóyá Ọ̀yẹ́, bóyá Ìjerò. Bí kò bá sí owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó báńkì tí wọ́n fẹ́ gbà, ta ló máa lọ forúkọ òkú sílẹ̀? Bí ẹ bá fi ìwé wa nìkan ṣe é, òkú yín máa kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

BàbáOlùkànìyàn
Ọmọ mi, o ti sọ ọ́ débi tó yẹ. Ìwé ilé ìwòsàn ń sọ ibi tí a bí ọmọ sí; ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé la nílò. Bí AràBásírì bá fẹ́ lò ó ṣá, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa àdírẹ́sì, kó sì mọ̀ pé òun ò tíì rí gbogbo wọn.

Ọ̀nà táwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbà nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ò bá pé ni pé kí wọ́n fojú bù ú láti inú ìwádìí ilé-dé-ilé. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2008 rí i pé obìnrin ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n pè ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ń bí ọmọ 4.5 ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ti gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 5.7. Nítorí náà, ẹ má gbé ti Nàìjíríà lé Adó lórí.

Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé yín pé ìfojúbù ni: nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń gbé Adó, ọmọ 35 lọ́dún, òkú 12. Ó ṣẹ́kù 23 lórí ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àǹfààní tí mo ní ẹ máa rí rèé: 5.18 ni gbogbo ìdàgbàsókè, 2.3 ni ti ọmọ bíbí, 2.88 tó kù ni ti àwọn tó kó wá, lẹ́yìn tí a ti yọ àwọn tó kó lọ. Bí ẹ bá fi 5.18 pín 2.88, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 56 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní orí èèyàn, ẹ wá ìpíndọ́gba iye èèyàn láàárín ọdún wọ̀nyẹn kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀:

```
=(313690-149472)/LN(313690/149472)
=221530*14.31*0.023
```

Ìlà àkọ́kọ́ fún wa ní nǹkan bí 221,530. Ìlà kejì fún wa ní nǹkan bí 72,900, àwọn ọmọ tí a bí tó ju àwọn tó kú lọ nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò nínú 164,218, ó ku nǹkan bí 91,300. Ìyẹn ni ti ìṣíkiri.

Oníṣirò_Kíá
Bàbá, tèmi ò bá tiyín mu o. Mo mú 149,472 tó wà ní 1991, mo jẹ́ kó fi 2.3 dàgbà fún ọdún 14.31, ó fi nǹkan bí 58,300 pọ̀ sí i. Tí mo bá yọ ọ́, àlejò jẹ́ nǹkan bí 106,000. Ibo ni 14,600 yẹn gbà lọ?

BàbáOlùkànìyàn
Ìbéèrè gidi lo bi yìí, kò sì sí ibi tí wọ́n lọ. Ọmọ tí àwọn àlejò bí lẹ́yìn tí wọ́n dé Adó ni. Olùkọ́ kan kó wá láti Àkúrẹ́ ní 1997, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta sí Adó. Ìwọ ka márààrún sí àlejò. Èmi ka méjì sí àlejò, mo sì ka mẹ́ta mọ́ ọmọ bíbí, torí Adó ni wọ́n bí wọn sí. Tìrẹ ń dáhùn pé: ká ní kò sẹ́ni tó kó wá, mélòó la ò bá jẹ́? Tèmi ń dáhùn pé: mélòó ló gba ojú ọ̀nà wọlé, mélòó ló gba yàrá ìgbẹ̀bí? Fún kíláàsì, tèmi ló wúlò. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí sísọ Adó di olú ìlú fà, tìrẹ lè wúlò jù. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ̀lú láti Àkúrẹ́, kódà a ò rí ilé gbé.

Àdùkẹ́_Fásitì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ 56 yẹn. Ẹ wo ti gbogbo Èkìtì: 1,535,790 ní 1991, 2,398,957 ní 2006. Ẹ fi ọ̀nà yín kan náà ṣe é, ó jẹ́ 3.12 lọ́dọọdún. Ti Nàìjíríà láti 88,992,220 sí 140,431,790 jẹ́ 3.19. Bí ọmọ bíbí ní Èkìtì bá jẹ́ 2.3 lóòótọ́, a jẹ́ pé gbogbo ìpínlẹ̀ ń gba àlejò tó tó 0.8 lọ́dọọdún. Láti ibo? Èkìtì tí a mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Èkó àti Ìbàdàn lójoojúmọ́?

Ohun tí mo rò ni pé ìkànìyàn 2006 rí èèyàn ju ti 1991 lọ. Àwọn tí wọ́n fò ní 1991, wọ́n kà wọ́n ní 2006, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, ó wà nínú 5.18 ti Adó, ó sì wà nínú 3.12 ti Èkìtì. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á pa ara rẹ̀ rẹ́. 5.18 yọ 3.12 jẹ́ 2.06, ìdá 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìdàgbàsókè. Èmi máa kọ 40.

BàbáOlùkànìyàn
O jàre níbi kan, ìwé rẹ yé mi. Ṣùgbọ́n wo ohun tó fara pamọ́ sínú ọ̀nà tìrẹ. O gbà pé bí wọ́n ṣe ń bímọ tí wọ́n sì ń kú ní Adó náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ẹfọ̀n àti Ọmùò. O tún gbà pé gbogbo 3.12 ti Èkìtì jẹ́ ọmọ bíbí, pé bí èèyàn ṣe ń jáde ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń wọlé. Ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ pé wọ́n ń lọ Èkó. Bí wọ́n bá ń jáde, 3.12 kéré sí ti ọmọ bíbí, 2.06 rẹ á wá ju ohun tó jẹ́ ti àlejò lọ.

Nǹkan mìíràn rèé tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rántí: èmi rí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gbé Adó tó lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìkànìyàn kí wọ́n lè kà á mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ọba ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn yẹn ń gbé Adó, ìlú wọn ni a ti kà wọ́n. Bí ó bá pọ̀ ní 2006, àlejò Adó ju ohun tí ìwé fi hàn lọ.

Àdùkẹ́_Fásitì
Mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ ní 1991 náà, bàbá, a ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ má gbàgbé pé bí àlejò bá jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ tí ẹgbẹ̀rún èèyàn Adó ń bí lọ́dún máa ju ti ìlú tó kún fún arúgbó lọ, kódà bí obìnrin kọ̀ọ̀kan ò bá bí ju ti ibòmíràn lọ. 35 yín lè kéré.

ỌmọÌyìn
Ẹ̀yin ń jà lórí ìlú tó ń kún. Tiwa ńkọ́? Ní àdúgbò wa ní Ìyìn, ilé mẹ́ta ló ti àgádágodo láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti kànga, olówó wọn wà l'Ékòó. Kérésìmesì nìkan la ń rí wọn. Ṣé ìṣirò yìí lè sọ pé ìlú ń ṣófo?

BàbáOlùkànìyàn
Ó lè sọ ọ́, ìṣirò kan náà ni. Ká sọ pé ìlú kan ń dàgbà ní 1.1 lọ́dọọdún, tí ọmọ bíbí rẹ̀ sì jẹ́ 2.3. Yọ ọ́: 1.2 ló kù, àmì ìyọkúrò á sì wà níwájú rẹ̀. Ìlú náà ń pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pàdánù èèyàn. Ọmọ tí wọ́n ń bí ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán ò fi tó. Ilé títì kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí pé iye èèyàn dín kù. Ìṣòro tìrẹ ni pé nọ́ńbà ìjọba ìbílẹ̀ lo máa rí, Ìyìn sì wà pẹ̀lú Ìgèdè àti àwọn ìlú mìíràn nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì_Ìlawẹ̀
Ìyẹn rán mi létí, bàbá. Ṣé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ Adó ti 1991 náà ni ti 2006? Bí wọ́n bá ti fi abúlé kan kún un tàbí yọ ọ̀kan kúrò, a jẹ́ pé àwọn èèyàn "kó wá" láìgbéra nílé.

BàbáOlùkànìyàn
Ohun tó yẹ kí AràBásírì wò kó tó ṣe ohunkóhun nìyẹn, o ṣeun. 1991, kò sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì, inú Òǹdó la wà. Wọ́n padà to nọ́ńbà àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ ni. Kó gba àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ àwọn ìletò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjèèjì, kó fi wọ́n wéra. Ìletò tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, kó bèèrè ìdí.

Bí ó bá sì rí iye èèyàn ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan gbà, ó ní ọ̀nà tó dáa ju gbogbo tiwa lọ. Ọmọ tó wà ní ọdún 5 sí 9 ní 1991 á ti wà ní bí ọdún 20 sí 24 ní 2006. Ká sọ pé 9,000 ni wọ́n, tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè sì fi hàn pé 95 nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn la padà rí kà. A retí 8,550. Bí a bá ka 14,000, 5,450 ló kó wá, kò sí pé à ń fojú bu ọmọ bíbí. Àdùkẹ́ á fẹ́ràn rẹ̀, torí a ti fi ti orílẹ̀-èdè yọ àṣìṣe ìkànìyàn kúrò. Aburú rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn wa fẹ́ràn 20, 25, 30. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ orí, wọ́n ní "kọ ọgbọ̀n síbẹ̀". Àwọn tí wọn ò tíì bí ní 1991 ò sì sí nínú rẹ̀ rárá.

Àdùkẹ́_Fásitì
Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú 5,450 yẹn, mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì àti Pólì tó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó bá ṣe tán? Ọdún 20 sí 24 gan-an lẹ mú.

AràBásírì
Mo ti ń kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ bíbí 2.0 àti 2.6 dípò 2.3: ti àlejò jẹ́ 61 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ti àkọ́kọ́, 50 nínú ti èkejì. Ti Àdùkẹ́ jẹ́ 40. Màá kọ pé láti bí 40 sí 60, màá sì sọ ọ̀nà tí mo gbà rí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ló kù. Nínú ìwé mìíràn, mo rí 308,621 fún Adó ní 2006 dípò 313,690. Èwo ni kí n mú?

BàbáOlùkànìyàn
308,621 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, 313,690 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ti ìpínlẹ̀ náà yí padà, láti 2,384,212 sí 2,398,957. Ẹ mú ti ìkẹyìn fún méjèèjì. Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́ fún Adó, 5.07 lẹ máa rí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mú Adó láti ìwé kan kí ẹ mú Èkìtì láti ìwé kejì.

Oníṣirò_Kíá
Ká wá fi 5.18 gbé e dé òní, ká mọ iye tí Adó jẹ́ báyìí.

Àdùkẹ́_Fásitì
Má dán an wò. Ọdún 1991 sí 2006 ló ni 5.18, ìjókòó ìjọba tó wọ̀lú ní 1996 sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń sọ ìlú di olú ìlú. Ìwádìí 2018 sì rí i pé ọmọ tí obìnrin gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń bí ti já sí 3.9.

Oníṣirò_Kíá
Kí ni kí ẹgbẹ́ wọn wá kọ fún òní?

BàbáOlùkànìyàn
Kí wọ́n ka agbo ilé Básírì fúnra wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mẹ́ta: ẹ pé mélòó, mélòó ni wọ́n bí síbí láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mélòó ló kó wá láti ìta láàárín ọdún márùn-ún náà. Kí wọ́n sì bèèrè ẹni tó kó lọ lọ́wọ́ aládùúgbò, torí ẹni tó ti lọ ò lè dá yín lóhùn.

ÌyáOnílé_Ajílosùn
Tí ẹ bá dé Ajílosùn, ẹ má bi ayálégbé mi ní ìbéèrè kẹta yẹn o, ó máa ní wọ́n bí òun síbẹ̀.